Sí Àjọkẹ́, Lórí Àyè Tí Iléèwé Fún Un

Àjọkẹ́ mi,

Ẹ̀gbọ́n rẹ ló sọ fún mi pé o kò tíì kọ̀wé sí iléèwé pé kí wọ́n sún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ síwájú di ọdún tó ń bọ̀. Kí lo ń dúró dè? Bí ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ bá kọjá tí wọn kò gbúròó rẹ, ta ni yóò sọ fún wọn pé ìyá rẹ ló ń ṣàìsàn? Wọ́n lè kà á sí pé o kò fẹ́ àyè náà mọ́, kí wọ́n sì fi fún ẹlòmíràn.

Kọ́kọ́ fèsì pé o gba àyè náà, bí o kò bá tíì ṣe é. Lẹ́yìn náà, kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ wọlé. Fi nọ́ńbà ìwé ìbéèrè rẹ àti orúkọ ẹ̀kọ́ rẹ sókè, má sì jẹ́ kó gùn. Irú èyí ti tó: "Mo ti gba àyè tí ẹ fún mi láti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 2026. Wọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ ìbàdí fún ìyá mi ní oṣù Kẹjọ, èmi ni n óò sì máa tọ́jú wọn nílé. Ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ kí ẹ sún ìbẹ̀rẹ̀ mi sí oṣù Kẹsàn-án 2027. Ìwé dókítà wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí."

Má torí ìkánjú kọ oṣù Kìíní síbẹ̀. Bí ẹ̀kọ́ rẹ bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, wọn ò ní gbà. Má sì purọ́ pé ìwọ gan-an lara rẹ kò yá, wọ́n lè béèrè ẹ̀rí. Dókítà mi yóò kọ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ àti iye oṣù tí n óò fi nílò ẹni tí yóò dúró tì mí. Kò pọn dandan kí gbogbo àìsàn mi wà nínú rẹ̀.

Wọ́n ti tún òrùlé ṣe. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ ti ń rìn.

Mo ti ń sọ fún ọ pé kí o máa lọ, kí o fi mí sílẹ̀. Ẹnu lásán ni, ọmọ mi. Ẹ̀rù iṣẹ́ abẹ yìí ń bà mí, mo sì fẹ́ kí o wà níbẹ̀. Ó dùn mí pé ara mi ló dá ọ dúró. Ìdí nìyẹn tí ìdákẹ́ rẹ fi ń bí mi nínú. N kò fẹ́ kí ọdún kan tí o fẹ́ fún mi di àyè tí o pàdánù pátápátá.

Béèrè lọ́tọ̀ bóyá owó ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà yóò dúró dè ọ́, nítorí iléèwé lè gbà kí àwọn tó ń sanwó má gbà. Má forúkọ sílẹ̀ níbòmíràn lọ́dún yẹn láìbi wọ́n, ó lè fagi lé àyè rẹ. Bí ẹnì kan bá sì sọ lórí fóònù pé kò séwu, kò tíì tó. Dúró títí wọn yóò fi kọ̀wé tó dárúkọ oṣù Kẹsàn-án 2027.

Àjọkẹ́, ọjọ́ ń lọ. Kọ ọ́ lálẹ́ òní, kí o sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.

Ìyá rẹ