Kọ́kọ́rọ́ ojú fèrèsé rẹ

Ọmọ mi,

Mo ti Èkó padà dé Ìbàdàn kí ilẹ̀ tó ṣú. Yàrá tuntun rẹ dára, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀ nítorí ìjàǹbá iná. Òkè kejì lo wà, àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ló wà nílé yẹn, ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn ọ̀hún gan-an ni wọ́n sì gbé jẹnẹrétọ̀ sí. Kọ́kọ́rọ́ irin ojú fèrèsé rẹ ńkọ́? Ìsàlẹ̀ báàgì rẹ ni mo ti rí i.

O ò tíì pé ọmọ ọdún méjì lọ́jọ́ tí àga fóòmù jó ní pálọ̀ wa lóru. Ìwọ àti màmá rẹ ò sí nílé. Mo jí, mo dìde nàró, mo sì mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àfi bí ẹni fa ata gbígbẹ símú. Ojú mi ṣú, orúnkún mi yẹ̀, mo ṣubú lulẹ̀. Ìṣubú yẹn ló gbà mí là. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ṣe kan sìmẹ́ǹtì ni mo ríran: mo rí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, mo rí bàtà màmá rẹ, mo rí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Lókè orí mi, ó dúdú bí ìdí ìkòkò.

Èéfín iná gbóná, òkè ló sì máa ń kọ́kọ́ lọ. Yóò kún lábẹ́ àjà, yóò wá máa sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ṣì ṣeé mí kì í ju ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan sí méjì sílẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí o bá jí tí o gbóòórùn èéfín, má dìde. Yí bọ́ sílẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì, fi ọwọ́ àti orúnkún rìn bí ọmọ tó ń rákò, kí o sì máa fi èjìká kan ara ògiri kí o má baà ṣìnà. Bí aṣọ tútù bá wà nítòsí, fi bo imú, àmọ́ má tìtorí ẹ̀ pẹ́. Eruku dúdú inú èéfín ló lè dá dúró. Kò lè dá kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì dúró, èyí tí kò lóòórùn, tó sì ń pani bí ẹni sùn lọ.

Bí o bá dé ìdí ilẹ̀kùn, má dìde síbẹ̀. Fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè níwọ̀n tí ọwọ́ rẹ bá tó, kí o wá kan irin ìdìmú rẹ̀. Ẹ̀yìn ọwọ́ ni mo wí o: ó tètè ń mọ ooru, bó bá sì jó, àtẹ́lẹwọ́ tí o fẹ́ fi rákò ò bàjẹ́. Wo àlàfo ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn pẹ̀lú, torí pé pákó tó nípọn lè tutù síbẹ̀ kí èéfín ti kún ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Bó bá tutù, fi èjìká ti ilẹ̀kùn, yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí o ṣí i díẹ̀. Bí ooru tàbí èéfín bá rọ́ wọlé, tì í padà kíákíá. Bí ọ̀nà bá mọ́, jáde, kí o sì pa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn rẹ. Má padà wá mú ohunkóhun, ì báà ṣe sátífíkéètì.

Bó bá gbóná, má ṣí i rárá. Rẹ tòwẹ́ẹ̀lì tàbí ìró rẹ sómi, kí o fi dí àlàfo ìsàlẹ̀ dáadáa, lẹ́yìn náà ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àti ojú kọ́kọ́rọ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé ni ihò atẹ́gùn tó wà lókè ilẹ̀kùn, bíi tìrẹ. Òun gan-an ni èéfín á kọ́kọ́ gbà wọlé, torí òkè ló wà. Ra téèpù fífẹ̀ kan àti páálí tó bá ihò yẹn mu, kó wọn sẹ́yìn ilẹ̀kùn látòní, kí o lè dí i kí èéfín tó pọ̀. Máa pọn omi kún bọ́kẹ́ẹ̀tì kan kí o tó sùn, nítorí bí wọ́n bá paná mànàmáná ilé, omi ẹ̀rọ lè má yọ.

Lẹ́yìn náà, lọ sójú fèrèsé, ṣí i díẹ̀. Bí èéfín bá ń gòkè láti ìsàlẹ̀ wọlé, tì í. Pe 112, tàbí 767 torí pé Èkó lo wà, kí o sọ àdírẹ́sì, òkè kejì, àti ẹ̀gbẹ́ tí yàrá rẹ kọjú sí. Máa fi aṣọ funfun tàbí iná fóònù juwọ́ sí wọn.

Kan ìṣó kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lónìí, níwọ̀n ibi tí ọwọ́ rẹ lè dé tí o bá wà lórí ìkúnlẹ̀, kí kọ́kọ́rọ́ náà máa gbé ibẹ̀. Ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Lálẹ́, di ojú, kí o rákò láti bẹ́ẹ̀dì dé ilẹ̀kùn, kí o ka iye ìgbà tí orúnkún rẹ kan ilẹ̀. Bí mo bá pè ọ́ ní Sátidé, iye yẹn ni mo máa kọ́kọ́ bi ọ́.

Bàbá rẹ