Ewédú ò fẹ́ òtútù tó pọ̀

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ fóìsì tó o rán, ibi tó o ti ní o ò ra ẹ̀fọ́ mọ́ torí pé inú fíríìjì ni gbogbo ẹ̀ ń bàjẹ́ sí, ọkàn mi ò balẹ̀ rárá, torí mo ṣáà mọ ohun tí dókítà sọ fún ẹ nípa ẹ̀jẹ̀. Jọ̀ọ́, má tíì jáwọ́.

O ní sípínáàṣì ń yọ̀, ó ń rùn, ewédú sì dúdú kalẹ̀, inú ọ̀rá kan náà ni wọ́n sì wà. Àbẹ̀kẹ́, ohun tó pa wọ́n ò jọra o.

Omi ló pa sípínáàṣì. O fọ̀ ọ́, o dì í mọ́ ọ̀rá, o so ó pa. Ewé tí wọ́n ti já ṣì ń mí, omi ṣì ń jáde lára ẹ̀, tó o bá wá tún fi omi kún un tí ò sí ibi tó máa gbà jáde, ó máa jẹrà ni. Má fọ̀ ọ́ tó o bá rà á dé, ìgbà tó o bá fẹ́ sè é ni kó o fọ̀ ọ́. Kọ́kọ́ ṣa èyí tó ti pọ́n tàbí tó ti fọ́ kúrò, má ṣàánú wọn, torí ẹyọ kan tó bá ti ń yọ̀ á ran àwọn tó kù. Tẹ́ tíṣù pépà sínú ike, kó ewé náà sí i láì kì í mọ́lẹ̀, fi tíṣù mìíràn bò ó, dé e, gbé e sí dúróò ìsàlẹ̀. Má jẹ́ kó kan ògiri ẹ̀yìn fíríìjì o, yìnyín á mú un, tó bá sì yọ́ á rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀. Lọ́jọ́ kejì fọwọ́ kan tíṣù yẹn, tó bá ti rin, pààrọ̀ ẹ̀. Ewé tó bá dáa nígbà tó o rà á lè lo ọ̀sẹ̀ kan báyìí.

Ewédú ní tiẹ̀, òtútù ló pa á. Sípínáàṣì fẹ́ kó tutù gan-an, kódà ní díígírì 1 tàbí 2 ara ẹ̀ le, àmọ́ tó bá jẹ́ ewédú, ibi tó bá ti tutù tó díígírì 5 sísàlẹ̀, tó bá pẹ́ níbẹ̀, ewé ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ní àmì bíráùn, á wá dúdú. Bíi díígírì 8 ló ṣe é lóore jù. Torí náà má gbé e sísàlẹ̀ tàbí sẹ́yìn, ara ilẹ̀kùn fíríìjì ni kó o fi í sí, ibẹ̀ ò tutù tó inú. Já a, fi tíṣù gbígbẹ wé e, kó o sínú ọ̀rá tí o ò so pa. Síbẹ̀ má retí ọ̀sẹ̀ kan o, tètè jẹ ẹ́. Tí igi ẹ̀ bá ṣì wà lára ẹ̀, o lè kì í bọ omi díẹ̀ nínú ife níbi tí oòrùn ò dé, kó o máa pààrọ̀ omi yẹn lójoojúmọ́.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n àti ápù, má kó wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀fọ́, gáàsì kan ń jáde lára wọn tó ń mú kí ewé tètè pọ́n.

Bọ̀dá ti padà síbi iṣẹ́, ọmọ àbúrò mi ti ń rìn, ọ̀rọ̀ ìyàwó yẹn tá a jọ sọ ti wá já sí òótọ́, màá pè ẹ́ sọ ọ́.

Ẹ̀n ẹ́n, sípínáàṣì tó kàn rọ, má tíì dà á nù. Rẹ ẹ́ sínú omi tútù fún bí ogún ìṣẹ́jú, tó bá jí padà, sè é lọ́jọ́ náà. Èyí tó bá ti ń yọ̀ lọ́wọ́ tàbí tó ń rùn, omi ò lè jí i, dà á nù. Èyí tó bá sì pọ̀ ju ohun tó o lè jẹ lọ, bọ̀ ọ́ nínú omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú 2, kó o sínú omi tútù, fún un dáadáa, dì í wẹ́wẹ́ sí fírísà. Tó o bá fẹ́ lò ó, má dúró kó yọ́, inú ìkòkò ni kó o jù ú sí.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ gan-an nìyí: lọ tún ẹ̀jẹ̀ yẹn yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí, kó o ya fọ́tò ìwé tí wọ́n bá fún ẹ, fi ránṣẹ́ sí mi. Má sọ pé ara ẹ ti yá, mo fẹ́ fojú mi rí i.

Èmi ni,
Àdùkẹ́ rẹ