Ọ̀rá omi la ó fi hun àpò ní Sátidé

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ní Sátidé yìí, aago 10 àárọ̀, a ó kọ́ àwọn ọmọ láti fi ọ̀rá píọ́ wọ́tà tó ń dí gọ́tà àdúgbò wa hun àpò ọjà. Kí ìdílé kọ̀ọ̀kan mú ọ̀rá 60 wá. Ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì sá a títí inú rẹ̀ yóò fi gbẹ, torí èyí tó bá lómi nínú yóò rùn.

Ẹ má da ọ̀rá bisikíìtì mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ fà á wò: ọ̀rá omi á kọ́kọ́ nà kó tó já, ti bisikíìtì á kàn ya fàà ni. Ibi tí a ti ń yà wọ́n sọ́tọ̀ yìí ni mo fẹ́ràn jù, torí ohun tí ọmọ bá fọwọ́ ara rẹ̀ mọ̀, kì í tètè gbàgbé rẹ̀.

A ó gé etí méjèèjì ọ̀rá kúrò, a ó gé ìyókù bí òrùka tó fẹ̀ tó ìka méjì, a ó so wọ́n mọ́ra di okùn, a ó wá fi abẹ́rẹ́ kuroṣé ńlá hun ún. Ẹ má fi iná jó o o; èéfín rẹ̀ léwu. Ẹ tọ́jú àwọn etí tí a gé, a ó fi wọ́n kún inú tìmùtìmù.