Fọ́ọ̀mù ìjọba tí kò dárúkọ ohun tó ń béèrè

Ọ̀gá Olóòtú,

Inú ń bí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde. Iléeṣẹ́ ìjọba kan ní kí àwa tó ń wá iṣẹ́ olùkọ́ lọ kọ fọ́ọ̀mù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, fọ́ọ̀mù ọ̀hún kò sì ṣeé kọ fún afọ́jú. Èmi ò ríran. NVDA, ẹ̀rọ ọ̀fẹ́ tó ń ka ojú kọ̀ǹpútà sí ni létí, ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Mo tẹ `Tab` bọ́ sínú àpótí àkọ́kọ́, ó ní "edit, blank": àpótí ìkọ̀wé ni, òfìfo sì ni. Mo tẹ̀ ẹ́ lọ sí ìkejì, "edit, blank" náà ni. Ṣé orúkọ bàbá mi ni wọ́n ń béèrè níbẹ̀ ni, àbí nọ́ńbà fóònù?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bá mi wò ó, ó ní àkọlé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo àpótí, ó sì hàn ketekete. Ojú ló hàn sí. Ẹ̀rọ kò lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ apá òsì ló ni àpótí apá ọ̀tún, àfi tí ẹni tó ṣe fọ́ọ̀mù bá so wọ́n pọ̀. Ìlà méjì péré ni:

```html
<label for="foonu">Nọ́ńbà fóònù</label>
<input type="tel" id="foonu">
```

Ohun tó wà nínú `for` gbọ́dọ̀ bá ti `id` mu gẹ́lẹ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, NVDA á dárúkọ àpótí náà. Àwọn kan a máa kọ àkọlé sínú àpótí fúnra rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà tó rí bàìbàì. Tí èèyàn bá ti tẹ lẹ́tà kan, ó pòórá, ẹni tó ríran gan-an á gbàgbé ohun tí wọ́n bi í.

Èyí tó tún burú ni pé láti orúkọ, `Tab` gbé mi lọ sórí bọ́tìnnì `Submit`, lẹ́yìn náà ló wá padà sókè síbi ọjọ́ ìbí. Ó dá mi lójú pé ẹnì kan fi `tabindex` fún àwọn àpótí àti bọ́tìnnì `Submit` ní nọ́ńbà, ẹlòmíràn wá fi àpótí tuntun kún un láìfún un ní nọ́ńbà. Àwọn tó ní nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ ń yà sí, ó di ẹ̀yìn kí ó tó kan àwọn tí kò ní. Kí wọ́n yọ gbogbo nọ́ńbà náà kúrò, kí wọ́n sì to kóòdù bí èèyàn ṣe ń kà á.

Ibi ọjọ́ ìbí, kàlẹ́ńdà tí máòsì nìkan lè ṣí ni wọ́n gbé síbẹ̀. Mo fò ó, mo tẹ `Submit`, gbogbo rẹ̀ dákẹ́ lọ gbári. Mo rò pé ó ti wọlé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló sọ pé ọ̀rọ̀ pupa kan ti yọ lókè pé mi ò kọ ọjọ́ ìbí. Ta ni wọ́n kọ ọ́ sí? Tí wọ́n bá fi `role="alert"` sára ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀rọ mi ì bá ti kígbe rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kí wọ́n tún gbé èèyàn lọ sínú àpótí tó ní àṣìṣe, kí wọ́n fi `aria-describedby` so ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn.

Àwọn ọ̀gá wa á ní àwọn ń tẹ̀lé òfin tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019, tó ní kí wọ́n má yà wá sọ́tọ̀. Wọ́n á nawọ́ sí pèpéle tí wọ́n kọ́ fún kẹ̀kẹ́ arọ lẹ́nu ọ̀nà. Ó dára. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń sanwó ńlá fún kò dárúkọ àpótí rẹ̀!

Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe nìyí. Kí wọ́n tó san kọ́bọ̀ fún kọngilá, kí ọ̀gá tó máa fọwọ́ sí i yọ máòsì kúrò lára kọ̀ǹpútà, kí ó fi `Tab`, `Shift+Tab`, `Space`, `Enter` àti àwọn bọ́tìnnì ọlọ́fà kọ fọ́ọ̀mù náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Gbogbo ìgbà ni kí ó máa rí ibi tí òun wà, torí àwọn kan ti fi `outline: none` pa ìlà tó ń yí àpótí ká rẹ́ nítorí oge. Lẹ́yìn náà, kí ó pa ojú kọ̀ǹpútà, kí ó tan NVDA, kí ó tún un kọ. Kí ó mọ̀ọ́mọ̀ fi àpótí kan sílẹ̀ lófìfo, kí ó gbọ́ bóyá wọ́n á sọ fún un. Bí kò bá dé ìparí, kò sí owó. Kí kọngilá má sì sọ pé òun ti fi ẹ̀rọ kan yẹ̀ ẹ́ wò: irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè rí àpótí tí kò ní àkọlé, ṣùgbọ́n kò lè sọ pé ọjọ́ ìbí kò yẹ kó gbẹ̀yìn `Submit`.

Kí wọ́n gbé nọ́ńbà fóònù ẹni tó máa dá wa lóhùn síbẹ̀ pẹ̀lú. Kí wọ́n sì sún ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ti fọ́ọ̀mù náà síwájú, torí àwa afọ́jú ò tíì rí i kọ.

Èmi ni,
Olùkọ́ tí kò ríran, Ìbàdàn.