Ẹ̀yin ọmọ mi tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe súténáǹsì, ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn ò gba gbogbo tẹ́ẹ̀sì

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti níbí ní Àjàṣẹ́, mo kí yín o. Mo jókòó nínú júrì lọ́pọ̀ ìgbà kí n tó fẹ̀yìn tì, ohun tó máa ń dùn mí jù ni kí ọmọ fi ọdún mẹ́rin márùn-ún ṣiṣẹ́ gidi, kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tá a fún un láti fi sọ̀rọ̀ wá pé kó má tíì sọ ohun kan tó rí fún wa.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wá láti Kétu, súténáǹsì ẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ méjì. Omi kànga Àjàṣẹ́ ló kọ tẹ́ẹ̀sì lé lórí, àwọn kànga tí ṣáláńgá wà nítòsí wọn. Díápò 31 ló kó wá. Mo ní kó sọ ọ́ kí n gbọ́, mo fi fóònù mi ka aago. Nígbà tí ìṣẹ́jú mẹ́wàá fi pé, díápò 14 ló wà, ohun táwọn tó ṣáájú ẹ̀ kọ ló ṣì ń sọ. Ó ní òun á yára sọ ọ́. Mo ní rárá o. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ kí wọ́n lè gbọ́, bí ọ̀rọ̀ 120 sí 130 ló ń sọ ní ìṣẹ́jú kan, nǹkan bí 1,200 péré lo ní, tó o bá sáré, ìwọ nìkan ni wàá gbọ́ ara ẹ.

Ohun tó bà á jẹ́ ni pé bí orí ìwé ṣe tẹ̀ léra náà ló ṣe tò ó. Àwọn júrì ti ka tẹ́ẹ̀sì yẹn, àwọn ráporítọ̀ tiẹ̀ ti kọ̀wé lé e lórí, kí lo tún ń kà á fún wọn sí?

Mo fún un ní bébà, mo ní kó kọ ohun tó rí ní gbólóhùn kan. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló kọ ọ́ kó tó jọ nǹkan: kì í ṣe bí kànga ṣe jìnnà sí ṣáláńgá nìkan ló ń ba omi jẹ́, apá ibi tí omi abẹ́ ilẹ̀ ń ṣàn sí náà wà ńbẹ̀, pàápàá nígbà òjò. Ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀, a wá ń rìn padà sẹ́yìn, díápò tí ò bá gbé gbólóhùn yẹn ró, a yọ ọ́. Mẹ́sàn-án ló kù. Àkọlé gba ìṣẹ́jú àáyá 20. Ìṣòro náà, pẹ̀lú fọ́tò kànga kan ṣoṣo, ìṣẹ́jú kan, ìbéèrè ẹ̀ náà ìṣẹ́jú kan. Bó ṣe wọn omi àti ìdí tó fi yan àwọn kànga yẹn, ìṣẹ́jú kan ààbọ̀. Èsì wá gba díápò mẹ́ta, ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko. Ibi tí iṣẹ́ náà mọ, ìṣẹ́jú kan, ohun tuntun tó mú wá, ààbọ̀ ìṣẹ́jú. Ẹ rò ó pọ̀, ó ku bí ìṣẹ́jú àáyá 40, ẹ má fi nǹkan kún un, ẹ̀rọ lè ṣe gbọ̀nràn-gbọ̀nràn, ẹnu lè gbẹ.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí èsì. Tábìlì onílà 18 ló gbé síbẹ̀, lẹ́tà wẹ́wẹ́, mo wọ jígí mi mi ò rí nǹkan kan. A fi àwòrán onílà méjì rọ́pò ẹ̀, ọ̀kan fún ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀kan fún òjò. Dípò kó kọ "Èsì" sórí ẹ̀, ó kọ gbólóhùn odindi: "Nígbà òjò, kànga tó wà nísàlẹ̀ ìṣàn ló ń bàjẹ́ jù." Tó bá dé ibẹ̀, kó kọ́kọ́ sọ ohun tí ìlà ìsàlẹ̀ jẹ́ àti ohun tí ìlà òòró jẹ́, kó dákẹ́ díẹ̀, kó tó sọ ohun tó rí, torí ẹni tó ṣì ń wá ìtumọ̀ àwòrán ò ní gbọ́ ọ.

Ibi tí iṣẹ́ mọ yẹn ńkọ́, ẹ má fi pamọ́. Òjò ọdún kan ṣoṣo ló wọ̀n, òun fúnra ẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ́, kò jẹ́ kí júrì gbà á lẹ́nu ẹ̀.

Tábìlì onílà 18 yẹn, a ò jù ú nù. A gbé e sẹ́yìn díápò tó kẹ́yìn, òun àti máàpù, a kọ nọ́ńbà wọn sórí bébà kékeré. Lórí PowerPoint, tẹ́ ẹ bá tẹ nọ́ńbà díápò kẹ́ ẹ wá tẹ `Enter`, á fò lọ síbẹ̀ tààrà. Ẹ má sì fi "mẹ́sì" parí, ẹ fi ohun tuntun tẹ́ ẹ mú wá sílẹ̀ lójú ògiri títí wọ́n á fi bi yín léèrè tán.

Lọ́jọ́ náà, ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án àti díẹ̀ ló lò. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí alága bi í ni pé kànga mélòó ló fi mọ apá ibi tí omi ń ṣàn sí. Ó wo bébà ẹ̀, ó tẹ `11`, ó tẹ `Enter`, máàpù náà yọ.