Sí Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Tí Ẹ Fẹ́ Fi Orúkọ Mìíràn Kọ̀wé

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Mo gbọ́ pé púpọ̀ nínú yín ń wá orúkọ ìkọ̀wé tí ará ilé kò ní fi dá yín mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí èmi ti ṣìnà. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àpilẹ̀kọ sínú ìwé ìròyìn, oríkì mi, Àlàó, ni mo fi ṣe orúkọ, mo sì so orúkọ bàbá mi àgbà mọ́ ọn nítorí pé ó dùn létí mi. Ọ̀sẹ̀ náà kò tíì parí tí àbúrò ìyá mi fi ránṣẹ́ pè mí pé òun ti ka ohun tí mo kọ nípa ìgbéyàwó òun. Ẹkún ni ó ń sun nígbà tí mo débẹ̀.

Orúkọ wa a máa ròyìn ẹni tó ń jẹ́ ẹ. Àyàn ń tọ́ka sí ìdílé onílù, Ọdẹ́ sí ti ọdẹ. Àlàbí, ọkùnrin ni, Àdùkẹ́, obìnrin ni. Bí ẹ bá ń jẹ́ Àyántúndé, ẹ má ṣe pe ara yín ní Àyándélé, ẹ kúrò nínú agbo náà pátápátá.

Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ ohùn mìíràn ní láti ṣe ju ìfarapamọ́ lọ. Ní Èkó, ní ọdún 1929, I. B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà tí òun fúnra rẹ̀ kọ jáde lórúkọ obìnrin kan tí àìsàn dá wó, Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́. Sẹ̀gi ni ìlẹ̀kẹ̀ iyebíye, ẹ̀yinjú ẹgẹ́ sì ni ojú tó wuni. Kí obìnrin yìí tó la ẹnu, a ti mọ̀ pé ó ti ṣe ọ̀ṣọ́ rí, ó sì ti lẹ́wà rí, nítorí náà nígbà tó ń ka ìyà tó ń jẹ ẹ́, orúkọ rẹ̀ gan-an ń dunni. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé ẹni gidi ni.

Nítorí náà, ẹ kọ ojú ìwé méjì tàbí mẹ́ta ní ohùn náà ná, títí ẹ óò fi mọ ọjọ́ orí olóhùn àti ìlú rẹ̀, kí ẹ tó sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ̀ka èdè ló sábà máa ń tú àṣírí: ọmọ Èkìtì tó ń kọ̀wé bí ìyá Ìbàdàn lè ṣèèṣì kọ ulé sí ibi tó yẹ kí ilé wà. Ẹ fún ẹnì kan tó mọ̀ yín dáadáa kà, ẹ má sọ ẹni tó kọ ọ́, kí ẹ sì bi í léèrè irú ẹni tó rò pé ó kọ ọ́. Bí kọ̀ǹpútà ni ẹ fi tẹ̀ ẹ́, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Author sí nínú fáìlì náà, nítorí pé orúkọ yín gan-an lè wà níbẹ̀.

Thomas ni olóòtú ìwé ìròyìn ara rẹ̀, kò ní láti jẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin yóò ní láti jẹ́wọ́ fún òǹtẹ̀wé, nítorí orúkọ tí báńkì mọ̀ ni owó yóò bá wọlé. Ẹ fi orúkọ tòótọ́ sínú ìwé àdéhùn, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọn kò gbọdọ̀ sọ ọ́ síta.

Èmi ni, àgbà yín.