Lẹ́tà sí àbúrò mi ọkùnrin tó ń bá opó sọ̀rọ̀ ìfẹ́

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ìbéèrè rẹ yé mi: ṣé opó tí ò ń bá sọ̀rọ̀ ìfẹ́ ti kọ̀ ọ́ ni, àbí ọ̀fọ̀ ló ń fà á sẹ́yìn? Ẹ jọ rìn ní Sátidé, ẹ jọ rẹ́rìn-ín, inú obìnrin náà dùn. Láti ọjọ́ Àìkú ni ohùn rẹ̀ ti yí padà: kò gbé ìpè rẹ, àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju “mo wà dáadáa” lọ. O ti ń rò pé ó kọ̀ ọ́. Má tíì pinnu.

Ní ọdún 1999, Margaret Stroebe àti Henk Schut, tí wọ́n ń ṣèwádìí nípa ọ̀fọ̀, ṣàlàyé pé ńṣe ni ọkàn ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ń lọ tó ń bọ̀: á kọjú sí olóògbé, á tún kọjú sí ayé tó kù níwájú. Ìdí nìyẹn tí ọjọ́ tó dùn jù fi lè bí ìtìjú lọ́jọ́ kejì, bíi pé ó ti já olóògbé sílẹ̀. Nítorí náà, wo àkókò. Ṣé lẹ́yìn ayọ̀ ló fà sẹ́yìn? Ṣé àyájọ́ ikú ọkọ rẹ̀, tàbí ti ìgbéyàwó wọn, ló kù sí dẹ̀dẹ̀? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀fọ̀ ló fà á.

Ohun tó tẹ̀lé e ló máa là á yé ọ. Ẹni tó ń ṣọ́ra lè sọ pé, “Jímọ̀ kò ní ṣeé ṣe, Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́?” Ó lè dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, kó wá béèrè bí orúnkún tí o ní ó ń dùn ọ́ ṣe ń ṣe. Ó rántí ọ nìyẹn, má fojú kékeré wò ó. Ṣùgbọ́n bó bá yẹ àdéhùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìdá ọjọ́ mìíràn, gbà pé kò fẹ́, kí o sì fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Bó bá ń sọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀, gbọ́ irú ọ̀rọ̀ tó ń sọ. Bó bá ń sọ ibi tó dáa àti ibi tó kù díẹ̀ káàtó, ó fọkàn tán ọ. Bó bá jẹ́ ìyìn nìkan, tó sì fi ń díwọ̀n rẹ, kò tíì ṣe tán fún ẹlòmíràn.

Bó bá ní kí olúkúlùkù wà nílé tirẹ̀, má kà á sí pé ó kọ̀ ọ́. Ogún àwọn ọmọ àti owó ìfẹ̀yìntì lè wà lọ́kàn rẹ̀, ibòmíràn sì wà tí owó opó máa ń dúró bí ó bá tún ìgbéyàwó ṣe.

Ní báyìí, fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan péré ránṣẹ́, tí kò ní ìbéèrè nínú: “Inú mi dùn sí Sátidé. Kò sí ìkánjú.” Má fi òmíràn tẹ̀ lé e. Nígbà tó bá fèsì, kí ìpàdé tó kàn kéré sí ti àkọ́kọ́: wákàtí kan, lọ́sàn-án, níta gbangba, kí ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, kó sì lè lọ nígbà tó bá wù ú.

Ẹ̀gbọ́n rẹ